Bí A Ṣe Lè Gba Owó Ìdájọ́ Nínú Báńkì: Ọ̀rọ̀ Gáníṣì àti Ìwé Ìbúra Rẹ̀

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà dìde, ó bi ìgbìmọ̀ ní ìbéèrè kan tí gbogbo ilé fi pa rọ́rọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé a ti jàre ẹjọ́ oníràìsì yẹn láti 2023. Owó ọ̀hún dà?" Ìbéèrè náà tọ́. Owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó ìgbìmọ̀, nítorí náà a óò ro ó bó ṣe rí. A óò sọ ọ̀nà tí a gbà rí lára owó náà gbà láti inú báńkì, a ó sì sọ àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe nínú ìwé ìbúra àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí adájọ́ bá ti dáni láre, kóòtù yóò lọ gba owó wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ á sọ ẹni tó jẹ gbèsè, á sọ iye tó jẹ, iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó jàre ni yóò tún padà wá bẹ kóòtù pé kó fi agbára rẹ̀ gba owó náà. Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé kí bélífù lọ kó ẹrù onígbèsè, kí wọ́n tà á ní gbàǹjo. A rò ó wò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí à ń wí yìí ti kó ìràìsì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ìdájọ́ tó jáde, àga méjì àti òṣùwọ̀n kan ló kù síbẹ̀. Síbẹ̀ náà, a mọ̀ pé kò ṣíwọ́ òwò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí i nínú báńkì lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni lọ́yà wa ní ká dojú kọ, ọ̀nà náà ni wọ́n sì ń pè ní gáníṣì.

Kí ó tó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí owó báńkì jẹ́ gan-an. Bí ẹ bá gbé owó lọ sí báńkì, kò dà bí ìgbà tí ẹ gbé àpótí fún aládùúgbò pé kó bá yín tọ́jú. Báńkì ti gba owó náà, ó ti di tirẹ̀, ó ń fi ṣòwò. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni ẹ̀tọ́ láti béèrè iye owó yẹn padà. Ìyẹn ni pé báńkì jẹ yín ní gbèsè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ kan wáyé ní 1921 tí àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí, níbi tí àwọn adájọ́ ti sọ pé gbèsè tí báńkì jẹ oníbàárà kì í tíì di sísan àyàfi tí oníbàárà bá béèrè, ṣùgbọ́n pé bí ìwé àṣẹ gáníṣì bá ti dé ọwọ́ báńkì, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè náà.

Ẹ wá wò ó bíi ti ọjà. Ìyá Elépo jẹ yín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, Ìyá Aláta sì jẹ Ìyá Elépo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Bí Ìyá Elépo bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, kóòtù lè sọ fún Ìyá Aláta pé, "Nínú gbèsè tí o jẹ Ìyá Elépo, má san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fún un mọ́. Ẹni tí òun náà jẹ ni kí o san án fún." Ìyá Aláta kò pàdánù nǹkan kan, nítorí gbèsè tó yẹ kó san náà ló san. Òfin tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá san owó lábẹ́ àṣẹ gáníṣì ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè náà ní iye tó san, oníbàárà rẹ̀ kò tún lè dá a dúró pé òun dà. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, báńkì ni Ìyá Aláta. Òfin Ṣẹ́ríìfù àti Ìwé Ẹjọ́ ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní Nàìjíríà, láti abala 83 lọ.

Ìpele méjì ni iṣẹ́ náà ní. Ní ìpele kìíní, lọ́yà olówó nìkan ló ń lọ bá adájọ́. Wọn kì í pe onígbèsè sí i, wọn kì í sì í pe báńkì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí rẹ̀: bí ẹ bá sọ fún olókèèré pé ẹ ń bọ̀ wá dẹ ẹ́, ṣé yóò dúró? Bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, yóò fún wọn ní àṣẹ àkọ́kọ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní òdà náísáì. Àṣẹ yìí á dé owó náà mọ́ inú báńkì, á sì ní kí báńkì wá ní ọjọ́ kan láti sọ ìdí tí kò fi yẹ kó san án fún olówó. Ìpele kejì ni ọjọ́ tí báńkì yóò wá wí tẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí ìdí kan tó dúró, adájọ́ yóò sọ àṣẹ náà di àṣekágbá, báńkì yóò sì san owó.

Nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ ní ìpele kìíní, kí ni adájọ́ yóò gbé ọ̀rọ̀ lé? Ìwé ìbúra ni, tí wọ́n ń pè ní afidáfítì. Bí ìwé ìbúra bá yẹ̀, gbogbo ohun tó gun orí rẹ̀ ló máa wó. Òfin béèrè ohun díẹ̀ kedere nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ẹni tó ń tọrọ ti gba ìdájọ́ owó. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé wọn kò tíì san ìdájọ́ náà tán, kó sì sọ iye tó kù gan-an. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ẹlòmíràn, tí í ṣe báńkì, jẹ onígbèsè ní owó, àti pé ẹni náà wà nínú ìpínlẹ̀. Ẹni tó jàre fúnra rẹ̀ tàbí lọ́yà rẹ̀ ló lè búra. Nítorí pé ẹgbẹ́ kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, Akọ̀wé wa ló búra fún wa, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ìgbìmọ̀ fún òun láṣẹ.

Ibi tí a ti ṣubú nìyí. Ìdájọ́ tí a gbà ní 2023 jẹ́ ₦3,640,000 owó ìràìsì àti ₦150,000 owó ìnáwó ẹjọ́, àpapọ̀ rẹ̀ ₦3,790,000. Akọ̀wé wa mú ìwé ìdájọ́, ó ka iye yìí, ó sì búra pé ₦3,790,000 ni ọkùnrin náà jẹ wá, kò tíì san kọ́bọ̀. Kò purọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdájọ́, ọkùnrin náà ti wá bá Ìyá Akápò nílé, ó fi ẹ̀bẹ̀ san ₦500,000 lówó. Ní oṣù kejì, ó tún fi ₦400,000 ránṣẹ́ sínú akáǹtì ẹgbẹ́. Ìyá Akápò já risíìtì fún un lẹ́ẹ̀mejèèjì, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé owó. Akọ̀wé kò béèrè, Akápò kò sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ búra. Owó tó kù ní tòótọ́ ni ₦2,890,000.

A tún ṣe ohun mìíràn tí kò dára. A kò mọ báńkì tí ọkùnrin náà ń lò, a kàn ń gbọ́ ọ ní ọjà pé ó lówó ní ibí, ó lówó ní ọ̀hún. A wá kọ orúkọ báńkì márùn-ún sínú ìwé, a ní gbogbo wọn ló jẹ ẹ́ lówó. Nígbà tí ọjọ́ pé, mẹ́rin búra pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní akáǹtì rẹ̀, ₦640,000 ló sì wà níbẹ̀. Inú wa ṣì dùn bẹ́ẹ̀, títí tí lọ́yà onígbèsè fi dìde, tó na risíìtì méjèèjì sókè. Ojú tì wá. Adájọ́ ní ẹni tó bá wá bá òun lẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀, ìyẹn tó gbè é àti èyí tí kò gbè é. Ó fagi lé àṣẹ náà, ó sì ní ká san ₦50,000 fún onígbèsè fún ìnira rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ₦640,000 ti jáde nínú báńkì. Ohun tí àìbéèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Akápò ná wa nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. A tilẹ̀ dúpẹ́ pé kò kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ búra èké níwájú òfin, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ni ó ń múni lọ.

Nígbà tí a tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, a kó gbogbo ìwé jọ sórí tábìlì kan: ìwé ìdájọ́, ìwé owó Akápò, kùkùté risíìtì àti ìwé tí báńkì wa fi ń sọ owó tó wọlé. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti là wá lójú. ₦400,000 tí a gbàgbé lọ́jọ́sí, ìwé tó bá a wá ní orúkọ báńkì tó ti wá lára, pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin náà àti nọ́ńbà akáǹtì rẹ̀. Kò sí nínú báńkì márùn-ún tí a ń dárúkọ kiri! Ẹ wò ó, ìwé tí a kò kà ló dá wa lẹ́bi, òun náà ló sì tún fi ilé owó hàn wá. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe ju ìwé ìránṣẹ́ owó àti ìwé sọ̀wédowó nù. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ń sanwó dáadáa ni ẹ máa mọ báńkì rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó bá ń sá fún yín.

Bí a ṣe kọ ìwé ìbúra kejì nìyí ní èdè Yorùbá, kí ẹ lè rí ìrísí rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó lọ sí kóòtù, a sì ti yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò:

Èmi, Lágbájá, ọkùnrin, oníṣòwò, ọmọ Nàìjíríà, tí mò ń gbé ní ojúlé báyìí ní Ìbàdàn, búra mo sì sọ báyìí pé:
1. Èmi ni Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń tọrọ yìí. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fún mi láṣẹ láti búra.
2. Ní ọjọ́ báyìí ní 2023, kóòtù yìí dá ẹjọ́ pé kí onígbèsè san ₦3,640,000 àti owó ìnáwó ₦150,000. Ìwé ìdájọ́ náà nìyí, tí a sàmì sí lára ní A.
3. Lẹ́yìn ìdájọ́, onígbèsè ti san ₦500,000 àti ₦400,000. Ẹ̀dà risíìtì méjèèjì nìyí, B àti D.
4. Ìdájọ́ náà kò tíì san tán. Iye tó kù di òní ni ₦2,890,000.
5. Akápò ẹgbẹ́ sọ fún mi ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ báyìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí a jọ ń yẹ ìwé owó wò, pé onígbèsè fi ₦400,000 náà ránṣẹ́ láti akáǹtì rẹ̀ ní báńkì tí a dárúkọ sókè. Mo gbà á gbọ́. Ìwé ìránṣẹ́ owó náà nìyí, E.
6. Báńkì náà ní ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà báyìí ní Ìbàdàn, nínú ìpínlẹ̀ yìí.
7. Nítorí ohun tí mo sọ ní ìpínrọ̀ karùn-ún, mo gbà gbọ́ pé báńkì náà jẹ onígbèsè ní owó.
8. Mo búra yìí pẹ̀lú òtítọ́.

Ẹ kíyè sí ìpínrọ̀ karùn-ún. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ohun tí ojú ẹni rí tàbí ohun tí ẹni tó ṣeé gbà gbọ́ sọ fúnni ni kí a búra sí, kì í ṣe àlàyé òfin tàbí àríyànjiyàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló sọ fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹni náà, ìgbà tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́ àti bó ṣe jẹ́. "A gbọ́ ní ọjà pé" kò wúlò, òun gan-an ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́ wa. Òfin gáníṣì kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé dandan ni nọ́ńbà akáǹtì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ tí kò fi sí i ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Orúkọ èèyàn pọ̀ ní báńkì, ẹni mẹ́wàá lè máa jẹ́ orúkọ kan.

Ìyá Akápò náà búra tirẹ̀ ní ṣókí lórí owó tó gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìyá kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, òfin sì ti rí tirẹ̀ rò. Wọ́n ka ìwé náà fún un, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìyá ní ó yé òun, ó sì tẹ ìka sí i. Ìkọ̀wé kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tó sọ pé wọ́n kà á, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e. Bí ìkọ̀wé yẹn kò bá sí, lọ́yà ẹnì kejì á rí ẹnu sọ. Iwájú òṣìṣẹ́ ìbúra ní kóòtù ni kí ẹ sì ti búra, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gbé ìwé lọ síbẹ̀. Ìwé ìbúra tí ẹ bá ṣe níwájú lọ́yà yín tàbí akọ̀wé lọ́yà yín kò ní dúró.

Adájọ́ fún wa ní àṣẹ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Kì í ṣe ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí àṣẹ ni owó náà dì mọ́ báńkì lọ́wọ́, ọjọ́ àti wákàtí tí ìwé náà dé báńkì ni. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà tí báńkì mú ìwé akáǹtì wá lẹ́yìn náà, a rí i pé ₦300,000 jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí bélífù débẹ̀. Ó ti lọ nìyẹn. Bákan náà ni ₦220,000 wọlé ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí bélífù lọ, àṣẹ wa kò sì mú un, nítorí gbèsè tí báńkì ti jẹ onígbèsè nígbà tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ ń dì mú, kì í ṣe owó tí ẹlòmíràn yóò wá san síbẹ̀ lọ́la. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gáníṣì máa ń ti akáǹtì pa títí gbèsè yóò fi tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbà kan ṣoṣo ni àwọ̀n náà ń bọ́ sómi.

Nítorí èyí, báńkì ni bélífù kọ́kọ́ lọ bá, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ báńkì kọ ọjọ́ àti aago sára ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà ló mú ti onígbèsè lọ fún lọ́yà rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gba ìwé, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Bí ó bá dín ní ọjọ́ kan, wọ́n lè sún ẹjọ́ yín síwájú tàbí kí wọ́n da iṣẹ́ náà nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bélífù ka ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́ pé, báńkì wá, ó mú ìwé ìbúra tirẹ̀ wá. Ó ní ₦1,412,600 ló wà nínú akáǹtì nígbà tí ìwé dé. Ó tún ní ọkùnrin náà yá owó lọ́wọ́ òun, ₦380,000 ló sì ti yẹ kó san kí ìwé wa tó dé tí kò san. Inú bí àwọn kan nínú wa, wọ́n ní báńkì fẹ́ gbè é lẹ́yìn ni. Lọ́yà wa ní rárá. Bí báńkì bá jẹ Lágbájá, tí Lágbájá náà sì jẹ báńkì, ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú èkejì ni gbèsè tòótọ́. Ohun tí a ní láti yẹ̀ wò ni bóyá owó yìí ti di sísan kí ìwé tó dé, àbí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọgbọ́n. A ka ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó, a rí i pé ọjọ́ ìsanwó ti kọjá ní oṣù méjì ṣáájú. A gbà. ₦1,032,600 ló kù, òun ni adájọ́ pa àṣẹ àṣekágbá lé lórí, báńkì sì san án. Bí a bá ti ní òótọ́ kò sí níbẹ̀, adájọ́ lè ní kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ lórí ara rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí wá.

Bí báńkì kò bá wá ńkọ́, tí kò sì sọ̀rọ̀? Nígbà náà, bí ẹ bá ti fi hàn pé ìwé dé ọwọ́ rẹ̀, kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n lọ gba owó náà lọ́wọ́ báńkì fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn báńkì kì í fi ìwé gáníṣì ṣeré.

Ohun kan dùn wá tí a ní láti sọ. Ní báńkì kan náà, ọkùnrin yìí tún ní akáǹtì mìíràn, ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà lórí rẹ̀, òun ni ọ̀gá kọ́ńpìnnì náà. Owó tó pọ̀ jù wà níbẹ̀, a kò sì lè fọwọ́ kàn án. Kọ́ńpìnnì tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin. Ìdájọ́ wa wà lórí ọkùnrin náà, kò wà lórí kọ́ńpìnnì rẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni Akọ̀wé ọjọ́sí kọ sínú ìwé ìtajà nígbà tó ń gbé ìràìsì láwìn. Láti oṣù yìí lọ, ìwé àwìn tuntun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́. Àyè wà nínú rẹ̀ fún orúkọ kọ́ńpìnnì, fún orúkọ ẹni tó ń gbé ọjà, àti fún ìlérí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti san án bí kọ́ńpìnnì kò bá san. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí méjèèjì, kó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kó ọjà fún ìjọba tún bi wá bóyá gáníṣì lè gba owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbà ti Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ há díẹ̀. Bí owó bá wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nípò iṣẹ́ rẹ̀, abala 84 ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda Agbẹjọ́rò Àgbà: ti ìjọba àpapọ̀ bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ní 2017, nínú ẹjọ́ Báńkì Àgbà àti ilé iṣẹ́ Íńtásítẹ́là, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé kò pọn dandan láti gba ìyọ̀ǹda yìí níbi tí Agbẹjọ́rò Àgbà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ gbèsè, torí èèyàn kò lè máa ṣe adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kó bá lọ́yà rẹ̀ sọ ọ́ kó tó náwó.

Ìṣirò owó náà nìyí fún ìyá tó béèrè, àti fún gbogbo ilé. Nínú ₦3,790,000, ₦900,000 wọlé láti ọwọ́ onígbèsè, ₦1,032,600 wọlé láti inú báńkì, ₦1,857,400 ló kù níta. Ìwé owó wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá ní ọjọ́ Ẹtì. Nítorí iye tó kù yìí, a ti ní kí lọ́yà tọrọ lọ́wọ́ kóòtù kí wọ́n pe ọkùnrin náà wá búra, kó sì sọ lẹ́nu ara rẹ̀ ibi tí owó rẹ̀ wà àti àwọn tó jẹ ẹ́. Òfin fàyè gbà á pé kí a ṣe èyí ṣáájú gáníṣì tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ní ìwé sọ̀wédowó tàbí ìwé ìránṣẹ́ owó tó wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó mú un wá bá Akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.